Aago oníbátìrì àbí ọtomátíìkì: bí ẹ ṣe máa mọ èyí tó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ rà

Ní nǹkan bí oṣù méjì sẹ́yìn, àbúrò ìyàwó mi gbé aago ọwọ́ méjì wá sílé wa nínú ọ̀rá. Iṣẹ́ olùkọ́ ló ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà, kò sì so aago mọ́wọ́ rí. Fóònù ló fi ń wo aago láti ìgbà tó ti wà nílé ìwé girama. Ẹni tó ń ta aago náà gbà kó san àsansílẹ̀, kó fi ọ̀sẹ̀ kan yẹ méjèèjì wò, kó wá dá ọ̀kan padà. Ọ̀kan jẹ́ Seiko 5 tòkunbọ̀, ọtomátíìkì. Èkejì jẹ́ Kásíò tuntun ọlọ́wọ́ mẹ́ta tó ń lo bátìrì. Owó wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ó tẹ́ wọn sórí tábìlì, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, èwo ni kí n mú níbẹ̀?"

Mo ti jókòó ti oníṣẹ́ aago fún ọdún méjì ní Dùgbẹ̀ kí n tó bá iṣẹ́ mìíràn lọ, mo sì mọ̀ pé ìbéèrè yẹn kì í ṣe èyí tí èèyàn ń fi ẹnu lásán dáhùn. Ohun tí a ṣe láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn ni mo tò síbí, kí ẹni tó bá fẹ́ ra aago àkọ́kọ́ rẹ̀ lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ mọ irú ẹ́ńjìnnì tó wà nínú rẹ̀ kí ẹ tó ná an

Àwọn oníṣẹ́ aago wa máa ń pe ohun tó wà nínú aago ní ẹ́ńjìnnì, orúkọ náà sì bá a mu. Ẹ kò ní láti ṣí aago kí ẹ tó mọ èyí tó wà nínú rẹ̀. Ẹ wo ọwọ́ tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń ka ìṣẹ́jú-àáyá. Tó bá jẹ́ oníbátìrì, á fò lẹ́ẹ̀kan, á dúró, á tún fò, á dúró, ẹ̀ẹ̀kan péré ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan. Tó bá jẹ́ onísípíríǹgì, ẹ máa rí i pé ṣe ló ń yọ́ rìn gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀. Àmọ́ tí ẹ bá fara balẹ̀ wò ó dáadáa, ẹ máa rí i pé òun náà ń fò, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé fífò rẹ̀ kéré tó sì yá: ẹ̀ẹ̀mẹfà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan fún Seiko tó wà lọ́wọ́ wa yẹn.

Lẹ́yìn náà, ẹ gbé e sétí. Ti oníbátìrì á máa dún kó, kó, kó, bí ẹni ń fi èékánná kan pákó díẹ̀díẹ̀. Ti onísípíríǹgì á máa yára dún ṣíkíṣíkíṣíkí láìsinmi. Tí ẹ bá wá rọra mì í lọ́tùn-ún lósì, tí ẹ gbọ́ tí nǹkan kan wúwo ń yí gbirigbiri nínú rẹ̀, ọtomátíìkì nìyẹn. Irin kan tó rí bí ìlàjì òṣùpá ló wà lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì náà. Bí ẹ bá ti ń ju ọwọ́, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa yí, tí yóò sì máa ká sípíríǹgì. Ti àtijọ́ tí àwọn bàbá wa ń fi ọwọ́ yí láràárọ̀ kò ní irin yìí, ṣùgbọ́n inú ẹ̀yà kan náà ni àwọn méjèèjì wà.

Ẹ ka ojú aago náà. Bí ẹ bá rí ọ̀rọ̀ kan tó fi lẹ́tà Q bẹ̀rẹ̀, kúọ́tìsì ni wọ́n kọ síbẹ̀, ìyẹn oníbátìrì. Àmọ́ ẹ má jẹ́ kí ojú aago nìkan tàn yín jẹ. Mo ti rí ọ̀pọ̀ aago tí wọ́n kọ ọtomátíìkì sí lójú gàdàgbà, tí ọwọ́ rẹ̀ sì ń fò lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan bí ọ̀pọ̀lọ́. Ayédèrú nìyẹn, ẹ dá a padà fún ẹni tó ń tà á kíá. Òdìkejì rẹ̀ kò burú tó bẹ́ẹ̀: àwọn oníbátìrì díẹ̀ wà tí wọ́n dìídì ṣe kí ọwọ́ wọn máa yọ́ rìn, ìdí sì nìyẹn tí mo fi ní kí ẹ fi etí àti mímì kún un, kí ẹ má fi ojú nìkan dájọ́.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ mọ ohun tó ń ka àkókò

Ibí yìí ni gbogbo ìyàtọ̀ yòókù ti ń jáde, nítorí náà ẹ jẹ́ ká rọra ṣe é.

Nínú aago onísípíríǹgì, sípíríǹgì gígùn kan ni a ká jọ sínú àgbá kékeré. Ó ń fẹ́ tú ara rẹ̀, bó sì ṣe ń tú ló ń ti àwọn jíà tó ń gbé ọwọ́ aago kiri. Ká ní kò sí ohun tó dá a dúró ni, láàárín ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ì bá ti tú fàà. Ohun tó dá a dúró ni géètì kékeré kan tó ń jẹ́ kí jíà tó kẹ́yìn kọjá ní eyín kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó sì ń ṣí géètì náà ni wíìlì kan tó ń lọ tó ń bọ̀ bí ọmọdé tó wà lórí jangirọ́fà, pẹ̀lú sípíríǹgì kan tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun tó ń fà á padà. Ní gbogbo ìgbà tó bá kọjá láàárín, géètì á ṣí lẹ́ẹ̀kan, géètì náà á sì tì í díẹ̀ kó má bàa dúró. Ìró géètì yẹn ni ṣíkíṣíkí tí ẹ gbọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan jẹ́ 21,600 ní wákàtí kan, ó sì jẹ́ 518,400 láàárín ọ̀sán kan àti òru kan.

Jangirọ́fà dára láti fi ka àkókò, nítorí pé bí ẹ tì í díẹ̀, bí ẹ tì í púpọ̀, àkókò tó máa fi lọ tó máa fi bọ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. "Kò fi bẹ́ẹ̀" yẹn ló ń fa wàhálà. Bí aago bá dojú sókè, á rìn lọ́tọ̀. Bó bá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́, á rìn lọ́tọ̀. Bí òróró inú rẹ̀ bá ti gbẹ, bí sípíríǹgì bá ti fẹ́ tú tán, bí ooru bá mú, bí mágínẹ́ẹ̀tì bá kàn án, gbogbo rẹ̀ ló máa hàn lára rẹ̀.

Ní ti oníbátìrì, òkúta dídán kan ni wọ́n gé bí fọ́ọ̀kì eléyín méjì, tí kò gùn ju hóró ìrẹsì lọ, tí wọ́n sì dé mọ́ inú agolo tín-ín-rín. Òkúta náà ni wọ́n ń pè ní kúọ́tìsì. Tí iná bátìrì bá dé ara rẹ̀, á máa gbọ̀n, ìgbà 32,768 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ó lè yà yín lẹ́nu pé wọ́n yan iye tó rí wọ́gọwọ̀gọ bẹ́ẹ̀. Ẹ pín in sí méjì: 16,384. Ẹ tún un pín: 8,192. Ẹ máa pín in lọ bẹ́ẹ̀, ní ìgbà kẹẹ̀ẹ́dógún, ẹyọ kan géérégé ló máa kù. Iṣẹ́ tí pátákó oníná kékeré inú aago ń ṣe nìyẹn: ó ń pín in sí méjì nígbà 15, ẹyọ kan tó bá sì kù ni yóò fi ta mọ́tò kékeré kan jí. Mọ́tò á yí lẹ́ẹ̀kan, ọwọ́ aago á fò lẹ́ẹ̀kan, gbogbo rẹ̀ á sì sinmi títí di ìṣẹ́jú-àáyá tó tẹ̀lé e. Ìsinmi yẹn ló ń jẹ́ kí bátìrì tó kéré ju bọ́tìnnì ṣẹ́ẹ̀tì lọ lo ọdún méjì sí mẹ́ta.

Ìgbà mẹ́fà lẹ́gbẹ̀ẹ́ 32,768. Ohun tó bá ń yára gbọ̀n tó báyẹn, tó sì kéré tó báyẹn, jíju ọwọ́ kò lè dà á láàmú. Nígbà tí Seiko gbé aago ọwọ́ kúọ́tìsì àkọ́kọ́ tí wọ́n tà fáráyé, Astron, jáde ní Tókíò lọ́jọ́ 25 oṣù Kejìlá ọdún 1969, 450,000 yẹ́ẹ̀nì ni wọ́n tà á, owó mọ́tò kékeré nígbà náà. Lónìí, kò dìgbà tí aago oníbátìrì bá gbówó lórí kó tó mọ àkókò. Èyí tí wọ́n ń tà lórí kẹ̀kẹ́ ọmọlanke lè mọ̀ ọ́n ju ọtomátíìkì olówó ńlá lọ.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ fi ọ̀sẹ̀ kan wọ̀n ọ́n

Ẹ fi aago orí fóònù yín ṣe òṣùwọ̀n, nítorí pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló ń tún un ṣe. Ẹ má yọ ara yín lẹ́nu pé kí ọwọ́ ìṣẹ́jú-àáyá bá ti fóònù mu gẹ́lẹ́ ní ọjọ́ kìíní. Ẹ́ńjìnnì inú Seiko wa, 7S26, kò tiẹ̀ ní jẹ́ kí ẹ ṣe é: bí ẹ bá fa kókó ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jáde, ọwọ́ ìṣẹ́jú-àáyá kò ní dúró. Ẹ kàn kọ bí ó ṣe fi ṣáájú tàbí fi sẹ́yìn sílẹ̀, ní wákàtí kan náà láràárọ̀.

Aago méje àárọ̀ la yàn. Lọ́jọ́ Ajé, Seiko fi ìṣẹ́jú-àáyá 4 ṣáájú fóònù. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, 17. Lọ́jọ́rú, 31. Lọ́jọ́bọ̀, 43. Lọ́jọ́ Ẹtì, 58. Ẹ yọ 4 kúrò nínú 58, ó ku 54 fún ọjọ́ mẹ́rin, ìyẹn mẹ́tàlá àtààbọ̀ lójúmọ́. Nínú oṣù kan, á ti fi nǹkan bí ìṣẹ́jú méje ṣáájú. Àbúrò mi ní, "Ó ti bàjẹ́ nìyẹn!" Kò bàjẹ́. Ohun tí ilé iṣẹ́ tó ṣe é gbà fún irú ẹ́ńjìnnì yìí ju 20 ìṣẹ́jú-àáyá lọ lójúmọ́. Ohun tó yẹ kí ẹ wò ni bóyá iye náà dúró lójú kan: 13, 14, 12, 15, wọ́n sún mọ́ra, ara rẹ̀ le nìyẹn. Ká ní ó fi 10 ṣáájú lónìí, tó fi 40 sẹ́yìn lọ́la ni, ǹ bá ní kó dá a padà kí oòrùn tó wọ̀.

Kásíò kò mú ìròyìn kankan wá. Láti Ajé dé Ajé kejì, ìṣẹ́jú-àáyá 3 péré ló fi ṣáájú.

Òpin ọ̀sẹ̀ ló kọ́ wa lẹ́kọ̀ọ́ tó kù. Ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì ni àbúrò mi bọ́ Seiko sílẹ̀. Nígbà tó ti ṣọ́ọ̀ṣì dé lọ́jọ́ Àìkú, aago ti dúró sí mẹ́sàn-án kọjá ogún ìṣẹ́jú àárọ̀ ọjọ́ náà. Ẹ kà á wò: wákàtí 39 àti ogún ìṣẹ́jú. Sípíríǹgì tó ká dáadáa nínú ẹ́ńjìnnì yìí kì í ju nǹkan bí 40 wákàtí lọ, torí náà sípíríǹgì rẹ̀ ṣì dára. Àmọ́ lójú ẹni tó fẹ́ so ó mọ́wọ́ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, òkú aago ló bá. Wọn ò sì ṣe 7S26 kí èèyàn fi ọwọ́ yí i. Ẹ ní láti máa mì í síwá sẹ́yìn fún bí ìlàjì ìṣẹ́jú kó tó gbéra, kí ẹ wá tún wákàtí, ọjọ́ àti déètì tò. Olùkọ́ tó ń sáré kí agogo ilé ìwé má bàa lù fún un kò ní àkókò fún gbogbo ìyẹn.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀, kí ẹ sì ní kí wọ́n ṣí tòkunbọ̀

Lẹ́yìn aago Seiko, ẹ máa rí nọ́ńbà mẹ́fà tí wọ́n tẹ̀ mọ́ irin. Ti èkíní ni nọ́ńbà tó parí ọdún tí wọ́n ṣe é, ti èkejì ni oṣù. Tiwa bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 64: oṣù Kẹrin, ọdún kan tó parí sí 6. Kò sí 7S26 ṣáájú àárín àwọn ọdún 1990, nítorí náà 1996, 2006 tàbí 2016 ló máa jẹ́.

A gbé e lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá mi àtijọ́. Ó ṣí ẹ̀yìn rẹ̀, ó fi awò sójú, ó wá fi ẹnu ẹ̀mú kékeré tọ́ka sí àpá kan tó tín-ín-rín bí okùn aláǹtakùn nínú ìdérí náà. Oníṣẹ́ aago tó ti ṣí i rí ló fi abẹ́rẹ́ ha á síbẹ̀: 3-09. Ìyẹn yọ 2016 kúrò. Ó tún sọ fún wa pé láti oṣù Kẹta ọdún 2009, kò jọ pé ẹnikẹ́ni tún fọ̀ ọ́. Òróró inú aago kì í sábà gbádùn kọjá ọdún márùn-ún. Tó bá ti gbẹ, aago á ṣì máa rìn, ó tiẹ̀ lè máa rìn dáadáa bíi tiwa yìí, àmọ́ irin ń lọ irin níbẹ̀ láìsí ẹni tó mọ̀, títí ọjọ́ tí jíà kan á fi jẹ tán. Fífọ̀ ni kí wọ́n tú u palẹ̀, kí wọ́n fọ gbogbo ẹ̀yà, kí wọ́n kán òróró tuntun sí i, kí wọ́n sì tún un tò. Owó tí ọ̀gá pè fún un tó ìdá méjì nínú márùn-ún owó aago náà. A wá bi í léèrè pé èló ni bátìrì Kásíò. Kò tó ohun tí a fi jẹun ọ̀sán ọjọ́ yẹn.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ yan tiyín

Èrò tèmi ni pé ẹni tó ń ra aago àkọ́kọ́ rẹ̀ láti máa fi mọ àkókò, kó mú oníbátìrì. Kì í ṣe torí pé ọtomátíìkì kò dára. Aago àkọ́kọ́ ni èèyàn fi ń mọ̀ bóyá òun fẹ́ràn kí nǹkan máa wà lọ́rùn ọwọ́ òun rárá, aago tó bá sì kú ní gbogbo òpin ọ̀sẹ̀, inú dúrọ́ọ̀ ló máa bá ara rẹ̀. Ẹ mú ọtomátíìkì tí nǹkan mẹ́ta bá pé: ẹ máa so ó mọ́wọ́ lójoojúmọ́, ẹ mọ oníṣẹ́ aago tó lè tú u kó sì tò ó padà, ẹ sì ti ya owó fífọ̀ rẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára owó tí ẹ fẹ́ fi rà á. Tó bá jẹ́ tòkunbọ̀, ẹ yọ owó fífọ̀ yẹn nígbà tí ẹ bá ń ná an. Bí ẹ bá sì rí oníbátìrì tó ń fi ìmọ́lẹ̀ gba agbára, tí apá yín sì ká a, ẹ mú un; ọ̀rọ̀ bátìrì pípààrọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nìyẹn.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti sanwó, ọ̀nà tí wọ́n ń gbà bàjẹ́ kò jọra. Oníbátìrì kì í sábà kú fúnra rẹ̀, àwa la máa ń pa á. Tí ọwọ́ ìṣẹ́jú-àáyá bá bẹ̀rẹ̀ sí í fò ní méjì méjì lẹ́ẹ̀kan náà, aago kò ṣòdì: ọ̀pọ̀ ni wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ kó lè kìlọ̀ pé bátìrì fẹ́ tán. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀ lọ́sẹ̀ yẹn. Bátìrì tó ti kú tí ẹ fi sínú rẹ̀ lè tú omi jáde, omi náà á sì jẹ wáyà tó tín-ín-rín ju irun lọ. Kí oníṣẹ́ aago tó fi tuntun sí i, ẹ ní kó fi ojú rẹ̀ hàn yín. Èyí tí wọ́n kọ SR sí ló yẹ kó wọ ibẹ̀. Èyí tí wọ́n kọ AG tàbí LR sí máa ń wọ inú rẹ̀ rẹ́gí, ó sì pọ̀ lọ́jà, àmọ́ agbára rẹ̀ á máa lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kì í sì í pẹ́ tó ti SR. Ẹ wo rọ́bà dúdú tó yí etí ìdérí ká pẹ̀lú. Bó bá sán tàbí tó já, òógùn àti òjò ti rí ọ̀nà wọlé nìyẹn.

Ní ti ọtomátíìkì, ẹ má ṣe yí déètì rẹ̀ láàárín aago mẹ́sàn-án alẹ́ sí aago mẹ́rin ìdájí. Lákòókò yẹn, jíà tó ń ti déètì ti mú un dání. Tí ẹ bá fipá yí i, eyín rẹ̀ lè kán. Ẹ sì rántí pé aago tó dúró kò sọ bóyá òru ló wà àbí ọ̀sán, nítorí náà ẹ kọ́kọ́ yí ọwọ́ rẹ̀ sí aago mẹ́fà ìsàlẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ kan déètì. Mágínẹ́ẹ̀tì ni ọ̀tá kejì. Mo gbé tèmi lé orí sípíkà sùn lọ́jọ́ kan, nígbà tó fi di àárọ̀ ọjọ́ kejì rẹ̀, ó ti fi ìṣẹ́jú mọ́kànlá sáré ju bó ṣe yẹ lọ. Sípíríǹgì bí irun yẹn ló lẹ̀ mọ́ra, tó wá kúrú. Bí tiyín bá ṣàdédé ń sáré bẹ́ẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tú u kó sì gba owó fífọ̀. Oníṣẹ́ aago tó ní ẹ̀rọ tó ń yọ mágínẹ́ẹ̀tì á gbé e lé e, kò ní ju ìṣẹ́jú kan lọ, á sì padà sípò.

Kásíò ni àbúrò mi mú. Ó pààrọ̀ bẹ́líìtì rẹ̀ sí aláwọ, ó sì ń sọ fún àwọn ọmọ kíláàsì pé ìgbà 32,768 ni òkúta ń gbọ̀n lọ́wọ́ òun. Seiko kò padà sọ́jà. Èmi ni mo san owó rẹ̀ lẹ́yìn tí a ti yọ owó fífọ̀ kúrò, ó sì wà lọ́wọ́ mi bí mo ṣe ń kọ èyí. Lábẹ́ 3-09 tó wà nínú ìdérí rẹ̀, ọ̀gá ti ha oṣù àti ọdún tiwa sí i.